Oògùn Inú Àpò Iléèwé: Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Ń Wá Lára Páálí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, nọ́ọ̀sì iléèwé kan tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń lọ, tí àwọn mìíràn sì ń gbé inú rẹ̀, fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé nípa oògùn tí àwọn òbí máa ń fún ọmọ mú dání. Àwọn òbí mélòó kan mú lẹ́tà náà wá bá wa ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n ní ó ti le jù. Wọ́n ní kí ló dé tí nọ́ọ̀sì yóò fi dá oògùn tí àwọn fi owó àwọn rà padà, nígbà tí àwọn ti kọ bí ọmọ yóò ṣe lò ó sórí bébà. A ka lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀, a kò sì rí ìlà kan nínú rẹ̀ tí kò ní ìdí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Sí gbogbo òbí àti alágbàtọ́,

Bí ọmọ yín bá ní oògùn tí yóò lò ní iléèwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí.

1. Inú páálí tàbí ìgò tí wọ́n fi tà á fún yín ni kí oògùn wà. A kò ní gba èyí tí ẹ gé kúrò lára káàdì, tí ẹ dì sínú bébà, tàbí tí ẹ dà sínú ìgò oògùn mìíràn.

2. Ẹ kọ orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá rẹ̀, kíláàsì rẹ̀ àti ìwọ̀n kílò rẹ̀ sára rẹ̀.

3. Ẹ kọ iye tí yóò lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ agogo tí yóò lò ó. Ẹ má kọ '1 × 3'.

4. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, iye tó ti lò, iye tó kù, àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀.

5. Bí ó bá jẹ́ oògùn olómi, ẹ fi ife tàbí ṣíbí tó bá a wá sí i. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí a fi omi pò, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó.

6. Àgbàlagbà ni kí ó fà á lé wa lọ́wọ́. Ẹ má fi sínú àpò ọmọ, ẹ má sì fi pamọ́ sínú gàrí tàbí kúlà oúnjẹ.

Oògùn tí kò bá bá èyí mu, a ó pè yín lórí fóònù, a ó sì dá a padà.

Nọ́ọ̀sì iléèwé."

Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà kìíní ni ó fa ìjà jù, òun náà ni a ó sì pẹ́ jù lórí rẹ̀.

Ohun tó ń sọnù bí a bá gé káàdì

Oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò nísinsìnyí ni átẹ́mítà pẹ̀lú lúmẹfántírìnì. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò kíyè sí ni pé agbára rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Hóró kan wà tí wọ́n kọ 20/120 sí lára páálí, òmíràn sì wà tí wọ́n kọ 80/480 sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ mìlígíráámù átẹ́mítà, èkejì jẹ́ ti lúmẹfántírìnì. Hóró 80/480 kan ṣoṣo jẹ́ hóró 20/120 mẹ́rin. Nítorí náà ni àgbàlagbà tó wúwo tó kílò 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ń lo hóró kan péré nínú ti 80/480, tí ó sì ń lo mẹ́rin nínú ti 20/120.

Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Kílò ni a fi ń wọn tiwọn. Ọmọ tó wà láti kílò 5 títí dé ìsàlẹ̀ 15 ń lo hóró 20/120 kan lẹ́ẹ̀kan, láti 15 dé ìsàlẹ̀ 25 ń lo 2, láti 25 dé ìsàlẹ̀ 35 ń lo 3. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, fún ọjọ́ 3, ìyẹn ìgbà 6 lápapọ̀. Ìgbà kejì máa ń jẹ́ wákàtí 8 lẹ́yìn ìgbà kìíní, lẹ́yìn náà ni yóò wá di òwúrọ̀ àti alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọdún 11 kan tó wà ní kíláàsì kìíní girama, tó ń gbé inú iléèwé. Kílò 32 ni. Ó wálé fún ìsinmi àárín sáà, ibà mú un, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé ibà ẹ̀fọn ni. Hóró 3 nínú ti 20/120 ló yẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, páálí oníhóró 18 sì ni yóò lò tán. Ó lo 3 ní agogo 8 òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó lo 3 ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ padà sí iléèwé ní agogo 5. Hóró 12 ló kù, ìyẹn ìgbà 4: òwúrọ̀ àti alẹ́ ọjọ́ Ajé, òwúrọ̀ àti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bí ìyá rẹ̀ bá ju páálí nù, tó fi sísọ́ọ̀sì gé hóró 12 náà kúrò lára káàdì, tó dì wọ́n sínú bébà ìwé, tó sì kọ "oògùn ibà, 3 láàárọ̀, 3 lálẹ́" sí i, ohun tó kọ yìí tọ́ fún ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni nọ́ọ̀sì yóò ṣe mọ̀ pé ti 20/120 ni? Hóró méjèèjì lè jẹ́ aláwọ̀ kan náà. Bí ó bá jẹ́ 80/480 ni ẹni tó tà á fún wọn gbé sílẹ̀, ọmọ náà yóò máa gbé ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ ẹ́ mì nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá yí i padà. Bí bàbá rẹ̀ bá ka ìlò tirẹ̀ láti ara páálí 80/480, tó kọ "1 láàárọ̀, 1 lálẹ́", ṣùgbọ́n tó jẹ́ hóró 20/120 ló wà nínú bébà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ọmọ yóò lò. Ara rẹ̀ lè fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà kò kú tán, ibà náà yóò tún gbérí. Ìyá yóò wá sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn kọ́ ló ṣẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn nìkan kọ́ ni sísọ́ọ̀sì ń gé dànù. Ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, tí wọ́n máa ń kọ EXP sí níwájú, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, etí káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ wọ́n sí. Ẹni tó gé ìdajì tó kù ti fi wọ́n sílẹ̀ sílé. Nọ́ńbà NAFDAC pàápàá, ara páálí ló wà. Bí ara ọmọ bá yí padà lóru, tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bi nọ́ọ̀sì ni pé, "Kí ló lò, èló ló lò?" Páálí ni yóò dáhùn, nítorí ẹ̀yin kò sí níbẹ̀.

Ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń ka hóró

Àwọn kan bínú pé nọ́ọ̀sì ń ka oògùn lójú àwọn bí ẹni tó ń ka owó. Ẹ padà sí ọmọ wa tó ní hóró 12. Bí nọ́ọ̀sì bá gba 12, tó sì fún un ní 3 láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, 9 ni yóò kù. Bí ọmọ náà bá bì í kí wákàtí kan tó pé, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tún fún un ní 3 mìíràn. Nígbà náà, oògùn náà yóò dín 3 ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì yóò sì ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé, yóò pè yín kí ẹ tètè ra sí i. Bí kò bá sí iye tí a kọ sílẹ̀, alẹ́ tí ìlò ìkẹyìn yẹ kó wáyé ni wọn yóò tó rí i pé káàdì ti ṣófo.

Ẹ tún kọ ọ́ sí i pé kí ọmọ jẹun kó tó lò ó. Oògùn ibà yìí kì í wọ ara dáadáa bí inú bá ṣófo. Oúnjẹ tó ní òróró díẹ̀ tàbí mílíìkì ló ń gbé e wọlé. Ohun tí a kò kọ, ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n.

"1 × 3" àti "lẹ́yìn ìrun"

Àwa oníṣẹ́ oògùn ló kọ́ yín ní "1 × 3". Láàárín ara wa, ó túmọ̀ sí ẹyọ kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ èyí tó ṣáájú lè kà á sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ "2 × 3", ọ̀nà méjì ni ó lè gbà ṣì í lò. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu: "Hóró kan ní agogo 6 òwúrọ̀, hóró kan ní agogo 2 ọ̀sán, hóró kan ní agogo 10 alẹ́."

Òbí mìíràn ń kọ "lẹ́yìn ìrun Àyìlá". Ìlà yìí dára nílé, ṣùgbọ́n ní iléèwé, kíláàsì kan lè kírun ní agogo 1 àbọ̀, kí òmíràn kí i ní agogo 2 kọjá, ọjọ́ Jímọ̀ sì ní àkókò tirẹ̀. Ẹ kọ agogo. Bí ó bá bọ́ sí oṣù Ramadáánì, tí ọmọ ńlá kan sì fẹ́ gba ààwẹ̀, ẹ bi dókítà tàbí apòògùn léèrè kí ẹ tó sún ìlò oògùn sí sààrì àti ìṣínu, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sára páálí. Aláìsàn ní ìyọ̀ǹda láti jẹun, kí ó sì san án padà nígbà tí ara bá yá. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí ẹ fi ìpinnu yẹn sílẹ̀ fún.

Bí ẹ bá sì fi agogo kọ ọ́, ẹ ó rí ohun kan. Ọmọ tó ń ti ilé lọ sí iléèwé kò sábà nílò láti mú oògùn dání rárá. Oògùn ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ilé ni yóò ti lo méjèèjì. Ti ẹ̀ẹ̀mẹta pàápàá, bí iléèwé bá parí ní agogo 2, ẹni tó wá mú un lè fún un lójú ọ̀nà. Oògùn tí kò débi tó lè sọnù ni ó rọrùn jù láti tọ́jú.

Ìgò, ṣíbí àti ọjọ́ tí a pò ó

Oògùn olómi ní àṣírí kan náà pẹ̀lú káàdì: agbára rẹ̀ wà lára ìgò, kò sí nínú àwọ̀ tàbí adùn rẹ̀. Ẹ wo pàrásítámọ́ọ̀lù. Ti ọmọdé tí a ń fi ṣíbí lò sábà máa ń ní mìlígíráámù 120 nínú mìlílítà 5. Èyí tí a ń kán sí ẹnu ọmọ ọwọ́ máa ń ní mìlígíráámù 100 nínú mìlílítà 1 péré. Ọmọ ọdún 5 tó jẹ́ kílò 18 lè lo mìlílítà 10 nínú ti onísíbí, ìyẹn mìlígíráámù 240, ó sì bá ara rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá da ti ọmọ ọwọ́ sínú ìgò oògùn ikọ́ tó ti tán, tí wọ́n kọ "mìlílítà 10" sí i, ó ti di mìlígíráámù 1000. Hóró pàrásítámọ́ọ̀lù méjì tí bàbá rẹ̀ ń lò nìyẹn. Bí ó bá ń tún un lò bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò fara gbá a, kì í sì í hàn lójú ẹsẹ̀.

Ṣíbí ilé kò sì dọ́gba. Ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì lè gba mìlílítà 5, ṣíbí ńlá tí a fi ń jẹ ìrẹsì lè gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ife kékeré tó wà lórí ìdérí ìgò tàbí abẹ́rẹ́ tí kò lẹ́nu ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ní ti oògùn apakòkòrò tó jẹ́ ìyẹ̀fun nínú ìgò, irú bí àmọ́síṣílìnì, ọjọ́ EXP tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ìyẹ̀fun gbígbẹ. Láti ìgbà tí ẹ bá ti bu omi sí i, ọjọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá ọjọ́ 7 sí 14, àwọn mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Páálí ni yóò sọ èwo ni tiyín. Bí ẹ kò bá kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó, nọ́ọ̀sì yóò rí EXP ọdún tó ń bọ̀ lára ìgò, oògùn inú rẹ̀ yóò sì ti di omi lásán.

Hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní ẹ̀tọ́ láti bi wá pé, "Bí ilé ìwòsàn bá bu oògùn fún wa láti inú agolo ńlá ńkọ́? Páálí wo ni a ó fi ránṣẹ́?" Òótọ́ ni. Fólíìkì ásíìdì tí àwọn ọmọ yìí ń lò lójoojúmọ́, inú láílọ́ọ̀nù kékeré ni ilé ìwòsàn sábà máa ń bù ú sí. Hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni. Pírítọ̀nù tí a ń lò fún ara yíyún àti imú dídí, òun náà sábà máa ń jẹ́ hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Bí méjèèjì bá wà nínú láílọ́ọ̀nù tí a kò kọ nǹkan kan sí, àwa pàápàá tó kàwé oògùn kò lè fi ojú lásán búra èyí tó jẹ́ èwo.

Bí wọ́n bá sì ṣi wọ́n lò, kò ní hàn bí àìsàn. Ọmọ náà yóò kàn máa sùn nínú kíláàsì, nítorí Pírítọ̀nù ń múni tòògbé. Olùkọ́ yóò ní ọ̀lẹ ni. Oògùn tí ara rẹ̀ nílò láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, kò rí i lò.

Nítorí náà, láílọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn kò burú, bí ẹni tó bù ú bá ti kọ nǹkan 5 sí i: orúkọ ọmọ, orúkọ oògùn ní kíkún, mìlígíráámù rẹ̀, ìlò rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n bù ú. Kí ẹ tó kúrò níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń fún yín lóògùn, ẹ kà á. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má ṣe dé ilé kí ẹ tó fi bírò yín kọ ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́.

Ínhélà ọmọ tó ní ikọ́ fée

Páálí nìkan kò tó fún èyí. Ilé ìtajà oògùn yóò kọ orúkọ ọmọ sí ara páálí ínhélà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ni páálí yẹn ń ya. Ara ike tí ọmọ ń fi sẹ́nu ni kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí ẹ sì fi sẹ́lótéépù bò ó kí omi má baà pa á rẹ́. Kò yẹ kí a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì. Bí èémí ọmọ bá ń há, kò sí àyè láti wá kọ́kọ́rọ́. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ kí ọmọ tó gbọ́n tó máa mú ọ̀kan dání, kí òmíràn sì wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí ó sì wà lákọsílẹ̀.

Ìgò tí kò lórúkọ

Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ìgò omi dúdú ni òun ń dá padà jù. Òmíràn jẹ́ hàǹtú, òmíràn jẹ́ àgbo, òmíràn jẹ́ òróró hàbátùsaúdà tí a pò mọ́ oyin. Nínú ìgò kan náà, wọn kò yàtọ̀ síra lójú ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣe é. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó ń lò nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì lè fi wọn ohun tí kò ní ìwọ̀n, kò sì lè fi sí àárín oògùn dókítà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé ni kí ọmọ ti lò ó. Bí ó bá sì ti lò ó kó tó padà sí iléèwé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, pàápàá àgbo, nítorí ó lè bá oògùn mìíràn jà nínú ara.

Bí ara páálí yóò ṣe rí

Ti ọmọ wa oníkílò 32 yẹn, ohun tí a ó fi bírò tí kì í parẹ́ kọ sára páálí rẹ̀ nìyí:

Orúkọ ọmọ àti ti bàbá rẹ̀, kíláàsì, yàrá tó ń sùn.
Kílò 32. Oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀: kò sí.
Hóró 20/120. Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ.
Ó ti lo 6 lọ́jọ́ Àìkú, agogo 8 òwúrọ̀ àti 4 ìrọ̀lẹ́. Ó ku 12.
Ọjọ́ Ajé: 8 òwúrọ̀, 8 alẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 8 òwúrọ̀, 8 alẹ́. Ó parí.
Nọ́ńbà fóònù òbí.

Ẹ má fi orúkọ bàbá sílẹ̀. Nínú iléèwé àwọn Mùsùlùmí, ẹ ka iye ọmọ tó ń jẹ́ Àíṣátù nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sí ibi tó ṣófo, kí ẹ má kọ ọ́ lé orí EXP tàbí mìlígíráámù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ kúrò nínú oòrùn, ẹ má fi sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀.

Àkọlé tó péye kò lè sọ ayédèrú oògùn di ojúlówó, kò sì lè tún àyẹ̀wò tí a kò ṣe ṣe. Bí ibà kò bá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 3 tí ọmọ ti lo oògùn náà bó ṣe yẹ, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe páálí mìíràn. Ṣùgbọ́n dókítà tó bá gba ọmọ náà yóò mọ ohun tó ti lò, iye rẹ̀ àti agogo tó lò ó, yóò sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibẹ̀.

Bí lẹ́tà nọ́ọ̀sì iléèwé tiyín bá wà nílé, ẹ gbé oògùn tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ mú un wá sí tábìlì ìlera wa ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tàbí kí ẹ lọ bá apòògùn tó tà á fún yín. Ẹ mú páálí rẹ̀ dání.